Òǹrajà, La Ojú Rẹ: Ibi Tí Ààbò Òǹtajà Parí Sí

Lára ògiri ìsọ̀

Ó ṣòro kéèyàn wọ ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta fóònù àlòkù tàbí fíríìjì tòkunbọ̀ kó má rí i lára ògiri tàbí nísàlẹ̀ risíìtì: “Ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà.” Ìkìlọ̀ yìí ní bàbá nínú òfin. Káfíátì ẹ́mptọ̀ ni àwọn lọ́yà ń pè é: kí òǹrajà la ojú rẹ̀, torí bó bá sanwó tán tó wá rí àléébù, òun ló ni àléébù.

Àwọn òǹtajà fẹ́ràn òfin yìí ju bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n rò pé gbogbo ara ló bo àwọn. Fún oníṣòwò ọjà, ohun tí ojú lè rí nìkan ló bò. Kò bo ohun tí òǹtajà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, kò sì bo ọjà tí kì í ṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnu ààlà yìí ni ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ àti ẹjọ́ ọjà àlòkù ti ń wáyé.

Òkúta £100

Ní ọdún 1603, ẹjọ́ kan dé kóòtù nílùú Lọ́ńdọ̀nù. Alágbẹ̀dẹ wúrà kan ló ta òkúta kan fún oníbàárà rẹ̀ ní £100, owó ńlá gbáà láyé ìgbà yẹn. Ó ní òkúta bẹ́sọ̀ ni, èyí tí wọ́n máa ń rí nínú ikùn ewúrẹ́ àtàwọn ẹran mìíràn, táwọn èèyàn sì gbà gbọ́ pé ó ń pa oró májèlé. Òkúta náà kì í ṣe bẹ́sọ̀. Oníbàárà pẹjọ́, ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Àlàyé kóòtù ni pé alágbẹ̀dẹ kàn sọ pé bẹ́sọ̀ ni. Kò ṣèlérí pé òun á dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà.

Látìn ni orúkọ òfin yìí, àmọ́ ẹ má dá àwọn ará Róòmù lẹ́bi. Ní ọjà tiwọn, àwọn alábòójútó ọjà ti pàṣẹ pé ẹni tó bá ń ta ẹrú tàbí ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ sọ àìsàn àti àléébù rẹ̀ síta gbangba. Bó bá fi pa mọ́, òǹrajà lè dá ọjà padà láàárín oṣù 6. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni òfin “la ojú rẹ” ti gbilẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé e kúrú. Òfin Títa Ọjà ti ọdún 1893, tí àwa náà jogún, sọ pé ọjà tí a bá fi àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Ká ní òde òní ni alágbẹ̀dẹ yẹn ta òkúta rẹ̀, yóò dá £100 padà.

Àgbá gúlúù

Ní ọdún 1919, ẹjọ́ mìíràn tún dé kóòtù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn oníṣòwò kan lọ ra gúlúù tí wọ́n dì sínú àgbá. Ẹni tó ń tà á gbà wọ́n láyè kí wọ́n ṣí i wò bó ṣe wù wọ́n. Wọ́n ń kánjú. Ìta àgbá nìkan ni wọ́n wò, wọ́n sì rà á. Gúlúù inú rẹ̀ kò dára.

Òfin 1893 sọ pé bí ẹni tó ń ṣòwò irú ọjà kan bá fi àpèjúwe tà á, ọjà náà gbọ́dọ̀ ṣeé tà lọ́jà bí irú rẹ̀ ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ó fi ìdí kan mọ́ ọn: bí òǹrajà bá ti yẹ ọjà wò, kò lè ráhùn nípa àléébù tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ yẹ kó tú síta. Adájọ́ ní àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn ti yẹ gúlúù wò. Bí wọ́n bá ṣí àgbá, wọn ì bá ti rí i. Wọ́n pàdánù.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ta kókó. Ẹni tó fi ojú fò ó wéré lè wà nínú ewu ju ẹni tí kò wò ó rárá lọ. Nítorí náà, bó o bá máa wo ọjà, wò ó dé ìdí. Ní Kọ̀ǹpútà Fílẹ́ẹ̀jì n’Íkẹjà, kì í ṣe kí wọ́n kàn tan lápútọ́ọ̀pù fún ọ kí iná ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Yọ ọ́ kúrò lára iná kó o lò ó fún ogún ìṣẹ́jú. Tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ki wáyà bọ gbogbo ojú ihò rẹ̀. Bó bá jẹ́ fóònù ni, tẹ `*#06#`, kó o fi nọ́ńbà tó bá jáde wé èyí tó wà lára páálí tàbí lára fóònù fúnra rẹ̀. Kí òǹtajà wá pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ lójú rẹ. Bí fóònù bá ṣí padà tó sì ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀, má sanwó, bó ti wù kó pọ́kú tó.

Páńẹ́ẹ̀lì inú tí wọ́n ti jó lẹ̀ mọ́ra níbi tí ojú kò lè dé, ìyẹn kì í ṣe ẹrù òǹrajà. Ibẹ̀ ni oníṣòwò kò lè sọ pé “o ṣáà wò ó kó o tó rà á.”

Aládùúgbò tó ń jápa

Ààbò pé ọjà gbọ́dọ̀ ṣeé tà lọ́jà, tí mo sọ lókè yìí, àwọn tó ń fi ọjà náà ṣòwò nìkan ló so mọ́ lọ́rùn. Aládùúgbò tó gba fisà Kánádà, tó ń ta fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n àti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kó tó wọkọ̀ òfuurufú, kì í ṣe oníṣòwò fíríìjì. Bí o bá rà á tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kú lọ́sẹ̀ kejì, tí kò sì purọ́ fún ọ, òfin àtijọ́ yẹn wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbáágbá. Ìdí nìyí tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ fi yẹ kó pọ́kú ju ti ìsọ̀ lọ: o ń ra ewu mọ́ ọn.

Ti oníṣòwò yàtọ̀. Ká ní o wọ ìsọ̀ jẹnẹrétọ̀ àlòkù, o sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ èyí tó máa gbé éàkọ́ọ̀ ọlọ́kan ààbọ̀ àti fíríìjì pa pọ̀.” Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan, ó ní, “Èyí á gbé e dáadáa.” O gbé e dé ilé, ó ń kú ní gbogbo ìgbà tí éàkọ́ọ̀ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀. O ti sọ ohun tó o fẹ́ fi ṣe, o sì gbára lé ìmọ̀ rẹ̀. Òun ló ni àṣìṣe náà. Ṣùgbọ́n bí ìwọ fúnra rẹ bá wọlé tó o dárúkọ irú jẹnẹrétọ̀ tó o fẹ́, tí o kò sì bi í ní ìbéèrè kankan, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìwọ lo yàn án. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò ju gbólóhùn kan ṣoṣo tí o sọ ní ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ lọ.

Òfin àpapọ̀ ti ọdún 2018 tó ń dáàbò bo àwọn òǹrajà ní Nàìjíríà tún ti sọ ọ́ di dandan pé kí oníṣòwò fi hàn kedere pé àlòkù ni ọjà òun, tàbí pé wọ́n tún un ṣe. Ẹni tó bá fọ àlòkù mọ́, tó tún páálí tuntun rà fún un, kò lè sá sábẹ́ “ojú rẹ rí i.”

Mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Rowland, tó ń ṣòwò mọ́tò, ra ọkọ̀ kan lọ́wọ́ Divall ní £334, ó sì tún un tà ní £400. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tó rà á, àwọn ọlọ́pàá wá gbé e: ọkọ̀ olè ni. Divall gan-an kò mọ̀. Rowland dá owó oníbàárà rẹ̀ padà, ó wá pe Divall lẹ́jọ́. Divall ní wọ́n ti lo ọkọ̀ náà fún oṣù mẹ́rin, ó yẹ kí wọ́n yọ owó ìlò kúrò. Ní ọdún 1923, kóòtù kò gbà. Ó gbọ́dọ̀ dá gbogbo £334 padà, torí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan ni Rowland sanwó fún, kò sì rí ẹ̀tọ́ kankan gbà.

Níbí yìí ni ògiri òǹtajà ti wó pátápátá. Lórí ọ̀rọ̀ ta ló ni ọjà, àìmọ̀ òǹtajà kì í gbà á sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún tòkunbọ̀ tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbà lójú títì torí pé ẹni tó gbé e wọlé kò san owó ibodè. Àléébù yẹn kò sí lára ẹ́ńjìnnì. Inú ìwé ló wà. Òǹrajà tó gbọ́n á wo nọ́ńbà ṣáàsì, tó jẹ́ àmì 17 tí ìkẹwàá rẹ̀ ń fi ọdún ọkọ̀ hàn lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, á sì bá a wé ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí kò bá tiẹ̀ wò ó, ẹni tó tà á fún un ṣì jẹ gbèsè.

Ilẹ̀ tí a wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Lórí ilẹ̀, òfin “la ojú rẹ” ṣì le ju ti ọjà lọ. Òfin Títa Ọjà kò kan ilẹ̀ rárá. Òǹtalẹ̀ kò ní láti sọ fún ọ pé omi máa ń gba ibẹ̀ kọjá lóṣù keje, bí o kò bá bi í, tí kò sì dọ́gbọ́n fi pa mọ́.

Nínú oṣù kejì, àbàtà máa ń le kankan. Ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í lè pa àmì ara rẹ̀ rẹ́ tán. Wo ara ògiri àwọn tó ti kọ́lé nítòsí: ìlà àwọ̀ amọ̀ tó dọ́gba yí gbogbo fẹ́ǹsì ká, ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Wo ìpìlẹ̀ ilé wọn; bí gbogbo wọn bá fi búlọ́ọ̀kù gbé e sókè ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n ní ìdí. Bí ògùrọ̀ bá ń hù nítòsí tàbí ihò akàn wà níbẹ̀, ilẹ̀ omi ni.

Ààlà òǹtalẹ̀ ni ìgbà tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ bo àléébù mọ́lẹ̀. Bó bá da iyanrìn bo ojú àbàtà lọ́sẹ̀ tó ṣáájú àbẹ̀wò, tàbí tó tún fẹ́ǹsì kùn kí ìlà omi má bàa hàn, tàbí tó dáhùn pé “omi kì í dé ibí rárá,” ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ní ààbò. Ẹ̀tàn kò ní.

Ilẹ̀ tí ẹni tó tà á kò lágbára lé

Ká sọ pé wọ́n ń ta plọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, lẹ́yìn odi Ìkòródù, ní ₦4,000,000. Ọmọkùnrin kan nínú ẹbí ló ń mú èèyàn kiri. Ó ní ìwé sọ́fè lọ́wọ́, ó sì ṣe tán láti kọ risíìtì ẹbí. Òǹrajà ti wo ilẹ̀: ó gbẹ, ó tẹ́jú, ojú títì wà nítòsí. Gbogbo ohun tí ojú ń wá ló rí. Ohun tó máa pa á kò sí níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, ta ló rán ọmọ yìí? Ní ọdún 1959, kóòtù gíga jù lọ nílẹ̀ wa nígbà náà là á kedere nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìgba àṣẹ àwọn àgbà ẹbí, àwọn tó kù lè lọ fagi lé e ní kóòtù. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò ta nǹkan kan. Bí ẹni pé wọn ò dúnàá-dúrà rárá ni. Nítorí náà, kí òǹrajà jókòó pẹ̀lú olórí ẹbí àti aṣojú ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, kó sanwó lójú wọn, kí wọ́n sì fa ilẹ̀ lé e lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí tí orúkọ wọn wà nínú ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa ṣe ń ta ilẹ̀, kóòtù sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Èkejì, ìwé sọ́fè. Ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe fẹ̀ tó. Kò sọ ẹni tó ni ín. Kí òǹrajà fún sọ́fíọ̀ tirẹ̀ ní àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀, kó lọ wò ó lórí máàpù ìjọba ní ọ́fíìsì sọ́fíọ̀ àgbà ìpínlẹ̀ n’Íkẹjà. Bó bá bọ́ sínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà, oríṣi méjì ló wà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó. Kò sí owó tó lè rà á. Èkejì ni èyí tí ìjọba gbà lápapọ̀, tí èèyàn lè sanwó fún ìjọba kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ẹ̀kẹta, ibi ìforúkọsílẹ̀ ilẹ̀: ṣé wọn ò tíì tà á, ṣé wọn ò fi ṣe ìdúró owó ní báǹkì? Kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú, torí ẹjọ́ tó ń lọ lọ́wọ́ ní kóòtù, etí ará àdúgbò ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Ẹ jẹ́ ká ní òǹrajà tiwa kò ṣe ìkankan nínú mẹ́ta yìí. Ó sanwó, ó kó búlọ́ọ̀kù dé. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i lára. Ó sáré lọ bá ọmọ náà. Ọmọ náà dáhùn pé, “Bùọ̀dá, ṣebí ẹ dé ibẹ̀, ṣebí ẹ fojú yín rí i.” Ní kóòtù, ọ̀rọ̀ yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ó gba owó lórí ohun tí kò ní, ó gbọ́dọ̀ dá a padà. Àti pé láti ọdún 2016, òfin ìpínlẹ̀ Èkó kan ti sọ títa ilẹ̀ láìní àṣẹ di ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n ọmọ ti ná owó. Ẹbí ní àwọn ò rán an. Òǹrajà jàre nínú ìwé, àpò rẹ̀ ṣófo. Òfin “la ojú rẹ” kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbí. Àìrówó san lásán ni.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé Sí-ọf-Ó á wẹ̀ ẹ́ mọ́. Láti ìgbà ẹjọ́ Romaine ní ọdún 1992, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ìwé nìkan kò tó. Adájọ́ á béèrè bóyá ojúlówó ni, àti pé ṣé ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ohun tó ń fi sílẹ̀?

Iwin Nyack

Nílùú Nyack ní ìpínlẹ̀ Niú Yọ́ọ̀kì, obìnrin kan ti sọ fún ìwé ìròyìn pé iwin ń gbé ilé òun. Nígbà tó fẹ́ ta ilé náà ní $650,000, kò sọ ọ́ fún òǹrajà, ẹni tí kì í ṣe ará ìlú náà. Òǹrajà ti fi $32,500 sílẹ̀ kó tó gbọ́. Ní ọdún 1991, kóòtù jẹ́ kó yọ ara rẹ̀ nínú àdéhùn. Kì í ṣe pé àwọn adájọ́ rí iwin. Wọ́n ní onílé fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu rẹ̀ sọ ilé di ilé iwin, kò sì sí àyẹ̀wò ilé tó lè tú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta.

Ti Wakefield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí sí apá kejì. Wọ́n ti pa ọmọ kan nínú ilé kan níbẹ̀ lọ́pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Àwọn tó tà á ní ọdún 2000 mọ̀, wọn ò sọ. Àwọn tó rà á gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ní ọdún 2004, kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá àwọn òǹtalé láre: ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n nínú fọ́ọ̀mù ni bóyá ohun mìíràn wà tí àwọn fúnra wọn rò pé òǹrajà ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀, wọ́n sì dáhùn gẹ́gẹ́ bí èrò ọkàn wọn. Ká ní wọ́n béèrè tààrà pé “Ṣé wọ́n pa èèyàn níbí rí?”, tí wọ́n sì dáhùn pé rárá, irọ́ ni ì bá jẹ́. Ìbéèrè tó mú ni ó máa ń gba ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lọ́wọ́ òǹtajà.

Ìlà kan nínú ìwé àdéhùn

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀, wá ibi tí òǹtalẹ̀ ti sọ irú ẹni tó jẹ́. Bí ìwé náà bá sọ pé ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín gan-an, òfin ti fi ẹ̀jẹ́ mélòó kan sí i lẹ́nu láìsọ: pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á, pé ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu nípasẹ̀ rẹ̀, pé kò sí gbèsè lórí rẹ̀. Bí ó bá sọ pé ó fi “ẹ̀tọ́ yòówù tí òun lè ní” sílẹ̀, ó ti gbé gbogbo ewu ẹ̀tọ́ lé ọ lórí, ó sì jẹ́ òótọ́ ọ̀rọ̀. O lè san iye yòówù fún irú ìwé bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n má san iye owó ilẹ̀.

Fún ẹni tó ń tà

Àwọn àgbà ní òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké. Nínú òfin títa àti rírà, òótọ́ kì í kùtà bẹ́ẹ̀. Àléébù tí òǹtajà bá ti sọ kó tó gbowó, kò sí òǹrajà tó lè fi pè é lẹ́jọ́. Ẹni tó ń ta mọ́tò lè kọ ọ́ sí risíìtì pé: jíà kejì ń fà, wọ́n ti kun ilẹ̀kùn apá òsì, éàkọ́ọ̀ kò tutù. Kí òǹrajà fọwọ́ sí i. Owó rẹ̀ lè dín díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kékeré yẹn ṣiṣẹ́ ju ìkìlọ̀ ara ògiri lọ. Ìkìlọ̀ ara ògiri ń sọ pé òǹtajà kò fẹ́ gbọ́ ẹjọ́. Risíìtì yẹn ń fi hàn pé òǹrajà mọ ohun tó rà, ìyẹn sì ni kóòtù máa kọ́kọ́ béèrè.